Yíyẹ owó kọmíṣọ́ọ̀nù wò lórí àtẹ onípele

Kọmíṣọ́ọ̀nù onípele ni owó tí ilé-iṣẹ́ ń san fún òǹtajà lórí ọjà tó tà, tí ìdá rẹ̀ ń ga sí i bí ọjà náà bá ṣe ń pọ̀ sí i. Inú ìwé kóríyá tí ilé-iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ni àtẹ rẹ̀ máa ń wà: apá kan á sọ iye ọjà, apá kejì á sọ ìdá tó tọ́ sí i. Àtẹ náà kì í sábà ju ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà pé wíwò lásán ti tó. Síbẹ̀, àtẹ kan ṣoṣo lè bí owó méjì tó jìnnà síra, kó sì jẹ́ pé àwọn méjèèjì tó ṣírò ó mọ ìṣirò dáadáa.

Ká fi ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta táìsì ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Àtẹ rẹ̀ sọ pé ọjà oṣù kan, láti náírà àkọ́kọ́ títí dé ₦2,000,000, máa gba ìdá 2 nínú 100. Láti ibẹ̀ dé ₦5,000,000, ìdá 3 ni. Láti ₦5,000,000 dé ₦8,000,000, ìdá 4. Èyí tó bá ju ₦8,000,000 lọ, ìdá 5. Òǹtajà kan wá ta ₦6,400,000 lóṣù kan.

Ọ̀nà kan láti ṣírò owó rẹ̀ ni kí wọ́n gé ọjà náà sí ìpele-ìpele, kí ìpele kọ̀ọ̀kan gba ìdá tirẹ̀. ₦2,000,000 àkọ́kọ́ á mú ₦40,000 wá. ₦3,000,000 tó tẹ̀ lé e á mú ₦90,000 wá. Ó ku ₦1,400,000 tó bọ́ sí ìpele kẹta, ìdá 4 rẹ̀ sì jẹ́ ₦56,000. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦186,000. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n wo ìpele tí ọjà náà bá dúró sí, kí wọ́n sì san ìdá ìpele yẹn lórí gbogbo ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdá 4 lórí ₦6,400,000 jẹ́ ₦256,000. ₦70,000 ló wà láàárín ọ̀nà méjèèjì, bẹ́ẹ̀ àtẹ kan náà ni wọ́n kà.

Àtẹ fúnra rẹ̀ kì í sọ èwo ló tọ̀nà nínú méjèèjì. Gbólóhùn tó wà lókè àtẹ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ ọ́, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń fò kọjá. Bí ìwé bá sọ pé ìdá kọ̀ọ̀kan wà fún «apá tó bọ́ sí ìpele náà» tàbí «èyí tó lé», ìpele-ìpele ni wọ́n ń kà. Bí ó bá sọ pé ìdá ìpele tí òǹtajà dé ni wọ́n máa san «lórí gbogbo ọjà oṣù», odindi ni wọ́n ń kà. Bí ìwé bá dákẹ́ pátápátá, ohun tó dára jù ni kí èèyàn mú ìwé owó oṣù àtijọ́ kan, oṣù tí ọjà rẹ̀ kọjá ìpele àkọ́kọ́, kó ṣírò rẹ̀ lọ́nà méjèèjì, kó wo èyí tó bá owó tí wọ́n san nígbà náà mu. Oṣù tí ọjà kò kọjá ìpele àkọ́kọ́ kò wúlò fún àyẹ̀wò yìí, nítorí iye kan náà ni ọ̀nà méjèèjì máa fún un.

Ààlà ìpele náà ń fẹ́ ojú tó mọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń kà á lódindi, ẹni tó ta ₦5,000,000 géérégé lè gba ìdá 3, ìyẹn ₦150,000, kí ẹni tó fi náírà kan péré jù ú lọ gba ₦200,000. Nítorí náà, «tó bá dé ₦5,000,000» àti «tó bá ju ₦5,000,000 lọ» kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà: ₦50,000 ló wà láàárín wọn. Níbi tí wọ́n bá ti ń kà á ní ìpele-ìpele, kọ́bọ̀ mẹ́rin ni náírà kan tó lé yẹn máa mú wá, àríyànjiyàn ààlà kò sì sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọ̀nà kíkà bá ti yéni, iye ọjà tó yẹ kó wọ inú àtẹ ló kù, ibí sì ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Iye tó wà nísàlẹ̀ ìnfọ́ọ̀sì kì í sábà jẹ́ iye ọjà gan-an. Ní Nàìjíríà, ìdá 7.5 nínú 100 ni VAT, owó orí ọjà, láti oṣù kejì ọdún 2020. Ìjọba ló ni owó yẹn, ilé-iṣẹ́ kàn ń bá a gbà á ni, kò sì sí ìdí tí kọmíṣọ́ọ̀nù yóò fi wà lórí rẹ̀ àyàfi tí ìwé kóríyá bá sọ bẹ́ẹ̀. Láti yọ ọ́, wọ́n máa ń pín àpapọ̀ sí 1.075. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yọ ìdá 7.5 kúrò lára àpapọ̀, ìyẹn kò sì tọ̀nà, nítorí orí iye ọjà ni wọ́n ti ṣírò owó orí náà, kì í ṣe orí àpapọ̀.

Ọjà tí oníbàárà dá padà náà wà níbẹ̀. Ìwé kan lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú oṣù tí wọ́n tà á, òmíràn á ní kí wọ́n yọ ọ́ nínú oṣù tó padà wá. Ó tún yẹ kí èèyàn mọ̀ bóyá ọjà di «títà» lọ́jọ́ tí ìnfọ́ọ̀sì jáde tàbí lọ́jọ́ tí owó wọlé. Bákan náà ni iye àsìkò. Ẹni tó ta ₦4,000,000 lóṣù kan, tó tún ta ₦4,000,000 lóṣù kejì, máa gba ₦100,000 lẹ́ẹ̀mejì bí àtẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lóṣooṣù. Bí wọ́n bá ń da oṣù pọ̀ títí ìdá mẹ́rin ọdún fi parí, ₦8,000,000 rẹ̀ máa fún un ní ₦250,000.

Ó yẹ ká padà sọ́dọ̀ òǹtajà táìsì wa yìí. Àpapọ̀ ìnfọ́ọ̀sì rẹ̀ fún oṣù náà jẹ́ ₦7,310,000, VAT sì wà nínú rẹ̀. Ìwé kóríyá ní ìpele-ìpele ni wọ́n ń kà, pé VAT kò sí nínú ọjà, àti pé oṣù tí ọjà bá padà wá ni wọ́n máa yọ ọ́. Tágẹ́ẹ̀tì oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦6,500,000. Ẹni tó bá dé ìdá 90 tágẹ́ẹ̀tì ṣùgbọ́n tí kò pé 100 máa gba bónọ́ọ̀sì ₦25,000. Ẹni tó bá pé 100 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ máa gba ₦60,000. Òǹtajà náà fi ìdá 4 ṣírò gbogbo ₦7,310,000, ó rí ₦292,400, ó fi bónọ́ọ̀sì ₦60,000 kún un, ó sì ń retí ₦352,400. Ohun tó rí lórí ìwé owó oṣù rẹ̀, kí wọ́n tó yọ owó orí, jẹ́ ₦195,000.

Láti mọ èyí tó tọ̀nà, ₦7,310,000 tí a bá pín sí 1.075 máa fúnni ní ₦6,800,000. Àwọn táìsì kan tí oníbàárà dá padà, tí iye wọn jẹ́ ₦400,000 láìka VAT, wọlé lóṣù náà, nítorí náà iye ọjà tó wọ inú àtẹ jẹ́ ₦6,400,000. Kọmíṣọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ ₦186,000 tí a ti ṣírò lókè. Ní ti bónọ́ọ̀sì, ₦6,400,000 jẹ́ ìdá 98.46 tágẹ́ẹ̀tì, ₦25,000 ló sì tọ́ sí i. Òtítọ́ owó náà jẹ́ ₦211,000. Òǹtajà retí púpọ̀ ju ohun tó tọ́ sí i lọ, ilé-iṣẹ́ sì san ₦16,000 kéré.

Bónọ́ọ̀sì yìí yẹ kéèyàn tẹjú mọ́, nítorí pé ó yàtọ̀ sí kọmíṣọ́ọ̀nù: bóyá èèyàn gba a tàbí kò gbà á ni. Kọ̀ǹpútà lè fi ìdá 99.6 hàn bí 100 nítorí pé kò kọ ẹ̀yìn àmì ìdá sílẹ̀. Ẹni tó bá ń yẹ ìwé wò gbọ́dọ̀ pín ọjà sí tágẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, kó má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó hàn lójú ìwé.

Ibi tí ₦16,000 náà gbà lọ lè fojú hàn láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa tú gbogbo ìwé. Bí àìpé owó náà bá ti jẹ́ pé inú ìpele kan ṣoṣo ló wà, kí èèyàn pín in sí ìdá ìpele náà: ₦16,000 tí a pín sí 0.04 jẹ́ ₦400,000. Iye ọjà tí wọ́n fò tàbí tí wọ́n yọ kúrò lásán nìyẹn, ó sì bá iye ọjà tó padà wá mu géérégé. Wọ́n ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó lè jẹ́ pé akọ̀wé ibi ìkọ́jàsí ti yọ ọ́ nínú àpapọ̀ tó fi ránṣẹ́, kí ọ́fíìsì owó tún wá yọ ọ́ nígbà tí ìwé ìdápadà ọjà dé ọ̀dọ̀ wọn. Lórí àkọsílẹ̀ ọjà oṣù, nọ́ńbà ìwé ìdápadà kan náà tó bá fara hàn lẹ́ẹ̀mejì ló máa jẹ́rìí sí i. Bí àìpé náà bá ti la ààlà ìpele kọjá, ìpínsí yìí kò ní bá ohunkóhun mu, á sì di dandan kí wọ́n to ìnfọ́ọ̀sì síra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá ní oṣù púpọ̀ láti yẹ̀ wò lè fi Excel ṣe é. Bí iye ọjà bá wà nínú B2, ìlà yìí máa ṣírò àtẹ wa ní ìpele-ìpele:

```
=B2*0.02+MAX(0,B2-2000000)*0.01+MAX(0,B2-5000000)*0.01+MAX(0,B2-8000000)*0.01
```

0.01 tó wà níbẹ̀ jẹ́ àfikún tí ìpele kọ̀ọ̀kan fi ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Òdindi ìdá ìpele kọ́. Ẹni tó bá kọ 0.03 àti 0.04 síbẹ̀ máa san owó náà ní àsanlé. Kí wọ́n fi ₦6,400,000 dán an wò, kó sì jáde ní 186000, kí wọ́n tó lò ó fún oṣù mìíràn.

Owó tó wọ àkáǹtì báńkì kọ́ ni wọ́n máa fi wé èyí tí wọ́n ṣírò. Kọmíṣọ́ọ̀nù àti bónọ́ọ̀sì wà lára owó tí owó orí ń kàn, nítorí náà iye tó wà lórí ìwé owó oṣù kí wọ́n tó yọ ohunkóhun ni kí wọ́n lò. Àyẹ̀wò yìí kò sì lè sọ ẹni tó ni ọjà. Bí òǹtajà méjì bá jọ ṣiṣẹ́ lórí oníbàárà kan, tí wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sí orúkọ ẹnì kan, ìṣirò máa tọ̀nà láti òkè délẹ̀, kí owó náà sì lọ sápò ẹlòmíràn. Ìwé kóríyá tó bá sọ bí wọ́n ṣe ń pín irú ọjà bẹ́ẹ̀ ló lè yanjú rẹ̀. Níbi tí kò bá ti sọ ọ́, àdéhùn tí àwọn méjèèjì àti ọ̀gá wọn bá fọwọ́ sí kí oṣù tó parí ni wọ́n máa fi ṣírò.