Bọ́ọ̀lù Kò Sí ní Kọ́ọ̀tù: Gbígbé Àkànlò Òwò Láti Inú Gẹ̀ẹ́sì Wá Sínú Yorùbá

Bí akọ̀ròyìn bá kà á lórí rédíò pé, "Bọ́ọ̀lù ti wà ní kọ́ọ̀tù ìjọba báyìí," adájọ́ ló máa kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ olùgbọ́ lọ́kàn. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, inú eré tẹ́níìsì ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú àkànlò náà: bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sí apá ibi tẹ́nìkan dúró sí, òun ló kàn láti gbá a padà. Ohun tí ẹni tó sọ̀rọ̀ ní lọ́kàn kò ju pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti sọ tẹnu wọn, èsì ìjọba ni wọ́n ń retí. Yorùbá sì ti ní bó ṣe ń sọ èyí láìsí bọ́ọ̀lù níbẹ̀: "Ó kù sọ́wọ́ ìjọba."

Nítorí náà, kí atúmọ̀ tó wá ọ̀rọ̀ rárá, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: ta ló ṣe kí ni, ta ni ọ̀rọ̀ náà kàn, kí ló sì máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ló yẹ kó túmọ̀, kì í ṣe àwòrán tí Gẹ̀ẹ́sì fi gbé e kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náírà ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Gẹ̀ẹ́sì sọ pé Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí náírà léfòó. Létí Yorùbá, ohun tó bá léfòó kò rì, ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù náà gan-an, dọ́là kan tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bíi 470 náírà ní báńkì fò kọjá 600. Ẹni tó gbọ́ "léfòó" kò lè lóye ìdí tí owó tó léfòó fi wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé báńkì náà jáwọ́ nínú dídá iye kan lé náírà. Ẹ wo bí gbólóhùn yìí ṣe yé èèyàn: "Báńkì Àpapọ̀ kò dá iye lé náírà mọ́, ẹni tó ń ta dọ́là àti ẹni tó ń rà á ni yóò jọ máa ná an." Ṣùgbọ́n kí atúmọ̀ má ṣe kọ ọ́ pé báńkì kò ní í dá sí i mọ́, torí ó ṣì lè kó dọ́là tirẹ̀ jáde sọ́jà nígbà tó bá wù ú.

Àkànlò ogun léwu ju èyí lọ, torí ó lè ba èèyàn lórúkọ jẹ́. Tí iléeṣẹ́ kan bá fẹ́ ra òmíràn tí àwọn olùdarí rẹ̀ kò gbà, Gẹ̀ẹ́sì máa ń lo ọ̀rọ̀ ọ̀tá àti ìgbàkóso fún un. Bí a bá kọ ọ́ pé "wọ́n fipá gba iléeṣẹ́ náà," òǹkàwé á rò pé wọ́n kó jàǹdùkú lọ síbẹ̀. Ohun tí olùrà náà ṣe ni pé ó yẹ àwọn olùdarí sílẹ̀, ó lọ bá àwọn tó ní ìpín nínú iléeṣẹ́ náà, ó sì ra ìpín wọn títí tirẹ̀ fi pọ̀ jù. Òfin gbà á láyè. Kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí kò ní kí a máa sá fún gbogbo ọ̀rọ̀ ogun àti eré. "Gbógun ti ìwà ìbàjẹ́" ti di tiwa, kò sẹ́ni tó ń retí ìbọn níbẹ̀. Bákan náà, ẹni tó bá "gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ara rẹ̀" yé gbogbo ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ará Amẹ́ríkà tó bá fi pápá eré ìdárayá ìlú wọn ṣàpèjúwe iye owó tí kò tíì dájú, "a fojú bù ú" ti tó fún un.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó tẹnu èèyàn jáde gan-an la ń tọ́ka sí, tí àwòrán náà sì ṣe kókó, bóyá torí pé àwọn míì ti fi dá a lóhùn, kí a fi í sílẹ̀, kí a sì fi gbólóhùn kúkúrú kan là á yé òǹkàwé.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ka iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì, kí o ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ. Má bi í bóyá ó yé e, torí ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ó yé àwọn. Bó bá dárúkọ adájọ́ tàbí jàǹdùkú tí kò sí nínú ìròyìn náà, gbólóhùn tó ti rí i gan-an ni kí o tún kọ.