Ta Ló San ₦412,500 Yìí?

Ẹ wo ìlà kan nínú sítétímẹ́ǹtì báńkì oníṣòwò ọṣẹ kan ní Ìbàdàn. Àpẹẹrẹ la fi ṣe o, àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó ti ìwé owó rí mọ̀ pé irú rẹ̀ kì í wọ́n:

```
14/03  NIP/TRF/*4471/goods   412,500.00 CR
```

Owó ti wọlé, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n ta ló san án? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹni tó fi owó ránṣẹ́ kọ sí i ni "goods", bẹ́ẹ̀ ọjà náà ni gbogbo oníbàárà ń rà. Kò kọ nọ́ńbà ínfọ́ìsì, kò kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ohun mìíràn tó wà níbẹ̀ kò ju òpin nọ́ńbà àkáǹtì tí owó ti wá lọ, ìyẹn 4471. Akọ̀wé owó ní láti mọ ínfọ́ìsì tí owó yìí wà fún, kó lè pa gbèsè yẹn rẹ́ nínú ìwé. Bí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta lóòjọ́, á béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá á sì rántí. Bó bá di igba, kò sí ọ̀gá tó lè rántí gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ náà fún ètò kọ̀ǹpútà.

Kì í ṣe pé àwọn oníbàárà ń ṣe oríkunkun. Láti 2011 tí NIP ti dé, tiránsífà láti báńkì kan sí òmíràn ní Nàìjíríà ti di ohun ìṣẹ́jú àáyá. Álááàtì á dún, ọlọ́jà á kó ẹrù sínú ọkọ̀, ó parí. Kí ló máa wá mú ẹni tó ń sanwó jókòó kọ nọ́ńbà ínfọ́ìsì sínú àyè kékeré kan lórí fóònù? Lójú tirẹ̀, ẹni tí wọ́n ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀ ló san án, wọn ò ṣàì ní mọ̀. Àwọn mìíràn sì kọ ọ́ dáadáa, báńkì ló gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù mìíràn ò ní í lo fóònù tirẹ̀ rárá: ọmọ ló bá a san án, tàbí ẹni tó ń fi POS ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ọjà.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn ni pé kí ẹ̀rọ wo iye owó, kó wá ínfọ́ìsì tí iye rẹ̀ bá a mu, kó so méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Páálí ọṣẹ kan jẹ́ ₦12,500, owó orí VAT ti wà nínú rẹ̀. Oníbàárà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ gbèsè ínfọ́ìsì kan ṣoṣo, páálí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ₦412,500 géérégé. Ẹ̀rọ ti rí i nìyẹn! Ó fẹ́ pa gbèsè Ògbómọ̀ṣọ́ rẹ́. Ṣùgbọ́n oníbàárà mìíràn wà ní ìlú Ọ̀yọ́ tó jẹ gbèsè ínfọ́ìsì mẹ́ta: ₦187,500, ₦225,000 àti ₦100,000. Ẹ ro méjì àkọ́kọ́ pọ̀, ₦412,500 náà ni. Àkáǹtì 4471 yìí sì ti san ínfọ́ìsì Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀mejì rí, nítorí pé ti ọmọ oníṣọ́ọ̀bù náà ni.

Bí ẹ̀rọ bá tẹ̀ lé iye owó nìkan, ẹni tí kò san kọ́bọ̀ á di ẹni tó ti san tán, wọ́n á sì máa dún mọ̀huru mọ́ ẹni tó sanwó.

Nítorí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ínfọ́ìsì. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé ta ló san án, lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè pé èwo ló san. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló nira, ohun tó sì ń dáhùn rẹ̀ jù ni ìtàn: àkáǹtì wo ló ti san owó ta rí? Gbogbo ìgbà tí akọ̀wé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ so owó kan mọ́ oníbàárà kan, ètò náà gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà àkáǹtì tí owó ti wá pa mọ́. Orúkọ náà ń ranni lọ́wọ́ bó bá wà níbẹ̀, àmọ́ sítétímẹ́ǹtì kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, oníkálukú sì ń kọ orúkọ bó ṣe wù ú. Ẹnì kan á kọ OGBOMOSO, ẹlòmíràn á kọ OGBOMOSHO. Ètò kọ̀ǹpútà máa ń ka iye lẹ́tà tí a gbọ́dọ̀ fi kún, yọ tàbí pààrọ̀ kí ọ̀rọ̀ kan tó di èkejì, ọgbọ́n tí Vladimir Levenshtein ará Rọ́ṣíà gbé jáde ní 1965. Láàárín OGBOMOSO àti OGBOMOSHO, lẹ́tà kan péré ni, nítorí náà ẹ̀rọ á kà wọ́n sí ọ̀kan náà.

Lẹ́yìn èyí ni máàkì. Ká sọ pé a fún ìtàn àkáǹtì ní 50, a fún ínfọ́ìsì kan tó bá iye owó mu géérégé ní 35, a sì fún ìròpọ̀ ínfọ́ìsì méjì tàbí mẹ́ta ní 25. Ọ̀yọ́ gba 75, Ògbómọ̀ṣọ́ gba 35. Ẹ̀rọ lè so ó mọ́ Ọ̀yọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ká ní àkáǹtì náà jẹ́ tuntun tí a ò rí rí, Ọ̀yọ́ á ní 25, Ògbómọ̀ṣọ́ á ní 35. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ga jù lóòótọ́, síbẹ̀ kò yẹ kí ẹ̀rọ fọwọ́ kàn án. Lójú tèmi, àlàfo tó wà láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì ṣe pàtàkì ju máàkì tí ẹni àkọ́kọ́ gbà lọ. Ẹni tó gba 80 nígbà tí ẹnì kejì gba 78 ò tíì borí ẹnikẹ́ni. Owó tí ẹ̀rọ ò mọ olówó rẹ̀ á wà nínú àkáǹtì ìdúródè kan títí akọ̀wé á fi wò ó. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Èyí tí wọ́n so mọ́ ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìròpọ̀ yẹn ní ẹ̀gún nínú, ó yẹ ká dúró lé e díẹ̀. Bí oníbàárà kan bá ní ínfọ́ìsì mẹ́wàá tí kò tíì san, ọ̀nà 1,023 ló wà láti mú ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn rò pọ̀. Iye owó páálí wa kò yí padà, nítorí náà gbogbo ìròpọ̀ ló ń jẹ́ ìlọ́po ₦12,500. Bí àpapọ̀ páálí inú ínfọ́ìsì mẹ́wàá náà bá jẹ́ 160, ìròpọ̀ tó lè jáde kò lè ju 160 lọ. Ọ̀nà 1,023 ń pín iye 160, ìyẹn ni pé tí a bá pín in dọ́gba, iye owó kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tó ju mẹ́fà lọ tí a fi lè dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ á máa rí ìbáramu lọ́tùn-ún lósì, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì jẹ́ èèṣì. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á dí ẹ̀rọ lọ́wọ́: inú ínfọ́ìsì oníbàárà kan náà ni kó ti máa wá ìròpọ̀, kó má ju ínfọ́ìsì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, kí àwọn tó tẹ̀ léra wọn ní déètì sì ṣíwájú. Ọlọ́jà tí iye ọjà rẹ̀ ń yàtọ̀ síra, tí ínfọ́ìsì rẹ̀ ń jáde ní ₦187,465 tàbí ₦203,118, ò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀. Iye owó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orúkọ.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, owó á dín. Ilé iṣẹ́ kan ra páálí mẹ́tàlélógójì, ínfọ́ìsì rẹ̀ jẹ́ ₦537,500, ohun tó wọlé jẹ́ ₦527,500. Akọ̀wé tó ń kánjú á ní kí ẹ̀rọ gba ohunkóhun tí kò bá fi ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dín. Ilẹ̀kùn aburú nìyẹn, nítorí pé ínfọ́ìsì ẹlòmíràn lè gba ibẹ̀ wọlé. Ó dára kí ẹ̀rọ mọ ìdí tó fi dín. Ẹ yọ VAT tó jẹ́ 7.5% kúrò nínú ₦537,500, ó ku ₦500,000. Ìlànà tó ń ṣiṣẹ́ láti oṣù Kìn-ín-ní 2025 ní kí ilé iṣẹ́ tó ra irú ọjà báyìí mú 2% dání nínú iye yẹn fún ìjọba: ₦10,000. Iye náà gan-an ló sì dín. Fún oníbàárà tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ á ṣírò iye méjì fún ínfọ́ìsì kọ̀ọ̀kan, ti pípé àti ti ìdádúró owó orí, ìkan nínú méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ bá owó náà mu dé orí kọ́bọ̀. ₦10,000 náà kì í ṣe gbèsè tí a dárí jì. Ó ṣì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé títí ilé iṣẹ́ náà á fi mú ẹ̀rí owó orí wá.

Ìrántí tí a yìn lẹ́ẹ̀kan náà lè di ọ̀tá. Ká ní ẹni tó ń fi POS ṣiṣẹ́ bá oníbàárà Ọ̀yọ́ san owó lọ́sẹ̀ yìí, àkáǹtì rẹ̀ á wọnú ìwé ìrántí gẹ́gẹ́ bíi ti Ọ̀yọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó bá oníbàárà mìíràn san, ẹ̀rọ á sì fi ìdánilójú gbé e fún Ọ̀yọ́. Ìwòsàn rẹ̀ ò le: níwọ̀n ìgbà tí àkáǹtì kan bá ti san fún oníbàárà méjì, kí 50 tí ìtàn rẹ̀ ń gbà di òfo. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ètò rẹ̀ ń ṣe dáadáa, kó má wo iye ìlà tí ẹ̀rọ so fúnra rẹ̀. Iye tí akọ̀wé padà wá tú ni kó wò.

Àwọn kan ti gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀, oní-dígíìtì mẹ́wàá bíi ti gbogbo àkáǹtì báńkì ní Nàìjíríà, àmọ́ inú àpò kan náà ni gbogbo owó ń bọ́ sí. Ọ̀yọ́ á máa sanwó sí tirẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ sí tirẹ̀, kódà bó jẹ́ POS ló bá wọn san án. Ìbéèrè pé ta ló san án ti tán nìyẹn, bí wọn kò bá ṣáà ti yá ara wọn ní nọ́ńbà. Èwo ló san nínú ínfọ́ìsì ni kò tíì tán.

Níbi tí a bá ti mọ oníbàárà ṣùgbọ́n tí kò sọ èyí tó san, òfin tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì gba ẹni tó ni gbèsè láàyè láti yan gbèsè tí owó náà á pa rẹ́. Ọ̀pọ̀ ètò máa ń mú èyí tó pẹ́ jù lọ. Ó bójú mu, àyàfi bí iye owó náà bá bá ínfọ́ìsì tuntun kan ṣoṣo mu géérégé, tí ti àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí oníbàárà náà mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni, bóyá páálí méjì ló fọ́ lọ́nà, bóyá ẹrù ò pé. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ẹ̀rọ parí rẹ̀, kódà bí máàkì rẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún. Kí akọ̀wé pe oníbàárà lórí fóònù.