Ohun Tí Ó Dí Aró Lọ́nà: Àdìrẹ Oníko, Alábẹ́rẹ́ àti Ẹlẹ́kọ

ATỌ́KÙN: Ní ilẹ̀ Òkun, láti Kàbà dé Ìjùmú àti Bùnú, ojú wa ti mọ aṣọ tí àwọn ìyá wa ń hun lórí òfì ìnàró. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọjà, tí a rí aṣọ aró tí ó ní ọ̀nà funfun lára, àdìrẹ ni gbogbo wa ń pè é, a kì í sì í bèèrè irú àdìrẹ tí í ṣe. Ìyá kan tí ó ti fi ọdún pípẹ́ kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ni ó wà pẹ̀lú wa. Màmá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Báwo ni a ṣe lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì?

OLÙKỌ́: Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí a ti ibi orúkọ náà bẹ̀rẹ̀. A di í, a sì rẹ ẹ́ sínú aró: àdìrẹ nìyẹn. Nínú aṣọ òfì tiwa, òwú ni a ń pa láró kí a tó hun ún. Ibi tí òwú funfun àti òwú dúdú bá ti pàdé ni ọ̀nà ti ń jáde. Ti àdìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ funfun tí a ti hun parí ni a ń lò, a ó sì dí ibi tí a kò fẹ́ kí aró dé. Ìko lè dí i, abẹ́rẹ́ àti òwú lè dí i, ẹ̀kọ sì lè dí i. Ohun tí ó bá dí aró lọ́nà ni yóò fi àmì ara rẹ̀ sílẹ̀, àmì náà ni a ó sì máa kà.

ATỌ́KÙN: Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bí ẹni tí ó wà ní kíláàsì.

OLÙKỌ́: Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a mú aṣọ òwú funfun tí ó dán, ọ̀pá 3, kí a gé e sí ọ̀nà 3 ọgbọọgba. Ìkòkò aró kan náà ni gbogbo wọn yóò wọ̀.

Ti oníko ni a ó kọ́kọ́ ṣe. A ó fi ọwọ́ gbé ojú kan sókè lára aṣọ, a lè fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí hóró àgbàdo sí i, a ó sì fi ìko wé ọrùn rẹ̀ pinpin. Òrùka ni yóò jáde níbẹ̀. Bí a bá di ojú ńlá, tí a sì di kéékèèké yí i ká, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní oṣù-bàmbà ni yóò rí. Ẹ wo etí òrùka náà dáadáa: kì í mọ́ gẹ́ẹ́. Aró a máa yọ́ wọ abẹ́ ìko díẹ̀díẹ̀, nítorí náà funfun yóò di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kí ó tó di dúdú. Òrùka méjì kì í sì í bára wọn dọ́gba. Bí ìdè bá dẹ̀, aró yóò wọlé pátápátá, òrùka yóò sì parẹ́.

Ti alábẹ́rẹ́ ni ó kàn. A ó ṣẹ́ aṣọ po, a ó fi abẹ́rẹ́ rán an lórí ìṣẹ́po náà, a ó fa òwú tàbí ìko náà kí aṣọ lè sún kì, a ó sì so ó. Àwọn ẹlòmíràn a máa fi ẹ̀rọ ìránṣọ rán an, ìyẹn sì yá ju ọwọ́ lọ. Ìlà ni alábẹ́rẹ́ ń bí, kì í ṣe òrùka. Ìlà náà a máa ní eyín wẹ́wẹ́ ní ọ̀tún àti òsì, nítorí ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé àti ibi tí ó ti jáde kò gba aró bákan náà. Bí aṣọ náà bá ṣì jẹ́ tuntun, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí ihò abẹ́rẹ́. Ibi títú ni ewu iṣẹ́ yìí wà. Abẹ ni a fi ń gé okùn náà. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, aṣọ ya nìyẹn.

ATỌ́KÙN: Ẹlẹ́kọ wá ńkọ́?

OLÙKỌ́: Ẹlẹ́kọ ni àbúrò wọn. Kò sí dídì nínú rẹ̀ rárá, orúkọ àdìrẹ ni ó kàn jogún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí aṣọ funfun tí ó dán láti òkè òkun ti pọ̀ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀. Ohun tí ó fà á kò farasin: ìyẹ́ adìyẹ kò lè fa ìlà tínrín lórí kíjìpá tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó lè fà á lórí aṣọ tí ó dán.

A ó se ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú álọ́ọ̀mù àti òkúta aláwọ̀ búlúù tí àwọn aláró ń rà lọ́jà, a ó sì sẹ́ ẹ kí kókó má bàa wà nínú rẹ̀. Ojú kan péré lára aṣọ ni a ń kun ún sí. Ẹni tí ó ń fi ìyẹ́ tàbí ọwọ́ ìgbálẹ̀ ya á yóò pín aṣọ sí àpótí àpótí, yóò sì ya ọ̀nà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbàdàndùn jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn, àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó sì wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa lo páànù tí a gé ihò sí, wọn a tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọn a sì fi ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe Júbílì, tí ó rántí ọdún 25 Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún lórí ìtẹ́ ní 1935.

Ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí aṣọ tó wọ aró. A kì í fún un, a kì í sì í rún un nínú ìkòkò, nítorí ẹ̀kọ tí ó bá sán yóò jẹ́ kí aró gba ojú sísán wọlé, ìlà búlúù wẹ́wẹ́ yóò sì hàn nínú funfun. Bí ó bá pẹ́ jù nínú aró, ẹ̀kọ yóò rọ̀, yóò sì ṣí. Ìdí nìyí tí a fi ń rì í fún ìgbà díẹ̀, tí a ń gbé e sókè, tí a sì ń tún un rì.

ATỌ́KÙN: Aró náà kò ha lè mú un ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bí?

OLÙKỌ́: Kò lè mú un. Ewé èlú tí a gún, tí a mọ róbótó, tí a sá gbẹ, ni a rẹ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan títí ó fi kan. Aṣọ tí ó ń ti inú rẹ̀ jáde kì í dúdú lójú ẹsẹ̀; ó máa ń dà bí ewé tí ó pọ́n díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di búlúù. Bí a bá ti ń rì í tí a ń sá a, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dúdú sí i.

Nígbà tí a bá tú ìko, tí a gé òwú, tí a sì fọ ẹ̀kọ kúrò, ẹ yí aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Ọ̀nà oníko àti ti alábẹ́rẹ́ yóò hàn ní ojú méjèèjì. Ti ẹlẹ́kọ kò ní rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀yìn tí kò gba ẹ̀kọ yóò mu aró, ọ̀nà náà yóò sì hàn fẹ́ẹ́rẹ́.

ATỌ́KÙN: Màmá, àwọn aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ wà lọ́jà báyìí, àdìrẹ ni wọ́n sì ń tà wọ́n fún wa. Ẹ̀yìn tiwọn náà kì í dúdú tó iwájú.

OLÙKỌ́: Òótọ́ ni, nítorí náà ẹ̀yìn nìkan kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Ẹ wá ibi tí ọ̀nà kan náà ti tún wáyé lórí aṣọ náà, kí ẹ sì fi wé ara wọn. Nínú èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, eyín ìlà àti òjò aró tí ó ṣàn yóò bára mu délẹ̀délẹ̀, àbùkù pàápàá yóò jọra. Ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ti páànù lè jọra wọn, ṣùgbọ́n ẹ ó rí ibi tí etí páànù ti gun ara wọn, tàbí ibi tí ẹ̀kọ ti pọ̀ jù.

Kì í ṣe Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú ni Olóyè Nike Davies-Okundaye, tí a bí ní 1951. Ó mọ aṣọ híhun láti ilé, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àdìrẹ.

ATỌ́KÙN: Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀pá aṣọ 3 àti ìkòkò aró kan ti tó fún kíláàsì yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yí aṣọ náà padà fúnra wọn, kí wọ́n tó sọ orúkọ rẹ̀.