Àyẹ̀wò Ọ̀fẹ́ Ni, Kì Í Ṣe Ìwòsàn

Ẹ̀yin ìyá wa ní ọjà Ìjagun, "Ẹ wá gba ìwòsàn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́" ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sí pátákó. A ní kí wọ́n pa á rẹ́. Wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ yín ni. Wíwọ̀n kì í wo àrùn.

Ẹ má jẹ obì ní ìdajì wákàtí tó ṣáájú, ẹ sì tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ọ̀kan nínú wa sáré dé pẹ̀lú ẹrù gààrí lórí, ẹ̀rọ ka 156 lórí 94. Nọ́ọ̀sì ní kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kó má sọ̀rọ̀. Ló bá di 134 lórí 82.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Tó bá ń tó 140 lórí 90 lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, dókítà ló máa sọ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá kọjá 180 lórí 120, tí àyà ń dùn yín tàbí apá kan ń kú, ọsibítù lẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni, ẹ má dúró palẹ̀ igbá mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn, ẹ lò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tó bá ka dáadáa, ó lè jẹ́ oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má tìtorí ẹ̀ dá a dúró o, ẹ bi dókítà yín.

Ẹ tọ́jú káàdì yín.