Bí Lápútọ́ọ̀pù Kan Ṣoṣo Bá Ń Fà Nínú Ilé: Ibi Tó Yẹ Ká Wò, Ní Ẹsẹẹsẹ

Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń fà lórí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé, ẹjọ́ ráútà tàbí ti iléeṣẹ́ tó ń ta dátà ni. Ṣùgbọ́n bí fóònù ọmọ bá ń wo fídíò geere, tí kọ̀ǹpútà bàbá ń ṣiṣẹ́ kíákíá, tí ọ̀kan yòókù wá ń wọ́ bí ìgbín, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹjọ́ náà wà nínú ọ̀kan tó ń wọ́ yẹn gan-an: nínú ètò tó fi ń tọ́jú bátìrì, nínú ètò káàdì Waifáì rẹ̀, tàbí nínú díráfà, ìyẹn sọ́fítíwíà tí Windows fi ń darí káàdì náà.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ní Bódìjà, n'Íbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ilé ló ti ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe ìṣirò owó. Lápútọ́ọ̀pù tokunbọ̀ ló ń lò. Ráútà rẹ̀ wà lórí ínfátà, nítorí náà kì í kú bí iná bá lọ. Síbẹ̀, gbàrà tí wọ́n bá ti mú iná ni ìpàdé orí fídíò rẹ̀ máa ń gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ó ti gbà pé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò ló ń bá iná lọ. Ṣùgbọ́n fóònù ọmọ rẹ̀, tó wà lórí Waifáì kan náà, kò ní wàhálà kankan ní àkókò yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀rí

Ẹ gbé fóònù àti lápútọ́ọ̀pù sórí tábìlì kan náà. Ẹ rí i pé Waifáì kan náà ni àwọn méjèèjì wà, kí ẹ sì wọn ìyára wọn ní fast.com. Ẹ ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí bí ẹ bá ṣe é pọ̀, wọn yóò máa bá ara wọn pín dátà, èsì náà kò sì ní wúlò. Ní Bódìjà, fóònù mú 31 Mbps, lápútọ́ọ̀pù mú 4.

Kí ẹ tó dá káàdì lẹ́bi, ẹ wò ó bóyá nǹkan kan ń jẹ dátà lábẹ́lẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí Task Manager ṣí, kí ẹ wá tẹ orí òpó Network kí ohun tó ń jẹ jù bọ́ sókè. Bí ó bá jẹ́ Windows Update tàbí OneDrive ló wà lókè, ẹ jẹ́ kó parí ohun tó ń ṣe, kí ẹ sì tún wọn ìyára. Bí ẹ bá ń lo VPN, ẹ pa á ná. Ti obìnrin wa yìí kò sí nínú gbogbo èyí. Kò sí ohun tó ń jẹ dátà rẹ̀.

Àṣẹ mẹ́ta tó ń tú àṣírí

Ẹ tẹ Start, ẹ kọ cmd, kí ẹ tẹ Enter. Nínú ojú dúdú tó bá ṣí, ẹ kọ àwọn wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan:

```
netsh wlan show interfaces
ipconfig
ping -n 30 192.168.1.1
```

Bí Windows 11 bá ní kí ẹ tan Location services kó tó dá àṣẹ àkọ́kọ́ lóhùn, ẹ tàn án. Èkejì yóò fi Default Gateway hàn yín, ìyẹn àdírẹ́ẹ̀sì ráútà yín. Bí kò bá jẹ́ 192.168.1.1, ti yín ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀ nínú àṣẹ kẹta.

Nínú èsì àkọ́kọ́, ẹ wo ìlà mẹ́ta: Radio type, Receive rate àti Signal. Receive rate ni òkè tí ìyára tó wà láàárín ráútà àti lápútọ́ọ̀pù lè dé, kódà bí dátà yín bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń wọlé gan-an sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdajì rẹ̀, ó sì máa ń dín kù sí i níbi tí Waifáì àwọn aládùúgbò bá pọ̀. Obìnrin yìí rí 802.11n, 72.2 Mbps, sígínà 90%. Sígínà dára, àmọ́ òkè náà kéré. Ẹ fi èyí pa mọ́, a óò padà sí i.

Èsì kẹta ló sọ nípa iná. Ó ń bá ráútà nìkan sọ̀rọ̀, kò jáde kúrò nínú ilé rárá, nítorí náà òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí nínú ẹjọ́ rẹ̀. Nígbà tí ṣájà wà lára lápútọ́ọ̀pù, ìdáhùn ń dé láàárín 2 ms sí 5 ms, tí ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tó yọ ṣájà, ó di 3, 88, 4, 104, 61. Ráútà kò yí padà, tábìlì kò yí padà, ṣájà nìkan ló yọ.

Káàdì tó ń sùn

Bí lápútọ́ọ̀pù bá bọ́ sórí bátìrì, Windows máa ń jẹ́ kí káàdì Waifáì máa sinmi díẹ̀díẹ̀ kí bátìrì lè pẹ́. Bí káàdì bá ń sùn, ráútà yóò di ohun tó fẹ́ fi ránṣẹ́ mú. Lórí ọ̀pọ̀ ráútà, ẹ̀ẹ̀kan láàárín 102.4 ms ni ó ń kéde pé òun ní ẹrù fún ẹnikẹ́ni tó bá sùn. Káàdì á jí, á gbọ́ ìkéde, á sì gba ẹrù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn kan fi ń dé ní 4 ms, tí èkejì ń dé ní 104. Ẹni tó ń kàwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè má mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ìpàdé orí fídíò kò lè fara da irú ìdádúró bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣí Control Panel, ẹ lọ sí Power Options, Change plan settings, lẹ́yìn náà Change advanced power settings. Lábẹ́ Wireless Adapter Settings, ẹ ṣí Power Saving Mode. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ óò bá On battery ní Medium Power Saving, Plugged in yóò sì wà ní Maximum Performance. Ẹ sọ méjèèjì di Maximum Performance. Bátìrì yóò tètè tán díẹ̀ sí i, ẹ mọ ìyẹn. Lórí àwọn lápútọ́ọ̀pù tuntun kan, ìlà yìí kì í sí níbẹ̀. Nígbà náà, ẹ lọ sí Settings, System, Power & battery, kí ẹ sì mú Best performance ní Power mode.

Ètò kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń pa láìmọ ohun tó ń ṣe: inú Device Manager ni ó wà, lábẹ́ Power Management káàdì náà, "Allow the computer to turn off this device to save power". Bí Waifáì bá ń já lẹ́yìn tí lápútọ́ọ̀pù sùn tó sì jí, ẹ yọ àmì tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í sábà fi ìyára kún Waifáì tí kò já.

Nígbà tí obìnrin wa tún ètò bátìrì ṣe, ping rẹ̀ dúró sí 2 sí 6 ms, iná ì báà wà, iná ì báà lọ. Ìpàdé rẹ̀ kò gé mọ́. Síbẹ̀, fast.com mú 11 péré, nígbà tí fóònù ṣì ń mú 31.

Ètò inú káàdì

Ibí ni 72.2 yẹn ti padà wá. Ọ̀pọ̀ ráútà òde òní ń gbé sígínà sórí ọ̀nà méjì: 2.4 GHz, tó kún fọ́fọ́ fún Waifáì aládùúgbò àti Bluetooth, àti 5 GHz, tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Fóònù ọmọ wà lórí 5 GHz. Lápútọ́ọ̀pù jókòó sórí 2.4 GHz, kò sì kúrò níbẹ̀.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún eku lórí Start, ẹ mú Device Manager, ẹ ṣí Network adapters, kí ẹ tẹ orúkọ káàdì Waifáì lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá lọ sí Advanced. Níbẹ̀, ẹ wá Preferred Band, kí ẹ sì mú Prefer 5GHz. Ẹ wo Channel Width for 5GHz pẹ̀lú: bí ó bá wà ní 20 MHz, ẹ dá a padà sí Auto. Ìwọ̀nyí nìkan tó. Ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí ẹ ti bá wọn. Ohun kan ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì wọn ìyára kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Ẹ rántí pé 5 GHz kì í la ògiri já bíi 2.4 GHz, nítorí náà ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tó jìnnà sí ráútà lè má jèrè rẹ̀.

Obìnrin wa wá Preferred Band títí, kò rí i.

Díráfà

Ẹni tó tún Windows ṣe fún un kò gbé díráfà iléeṣẹ́ tó ṣe káàdì náà sí i, èyí tó bá Windows wá ló fi sílẹ̀. Irú díráfà bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ètò inú rẹ̀ lè má pé. Ẹ kọ àṣẹ yìí:

```
netsh wlan show drivers
```

Ẹ wo Provider, Date àti Radio types supported. Tirẹ̀ fi Microsoft hàn ní Provider, ọjọ́ rẹ̀ sì ti pẹ́. Ṣùgbọ́n 802.11ac wà nínú ohun tí káàdì lè ṣe, èyí tó fi hàn pé ó lè lo 5 GHz. Bí tiyín bá fi 802.11b, g àti n nìkan hàn, ó ṣeé ṣe kí káàdì náà má mọ 5 GHz rárá, díráfà kankan kò sì lè kọ́ ọ. Káàdì Waifáì USB tó ń gba 5 GHz ni ojútùú irú èyí.

Ojú ewé iléeṣẹ́ tó ṣe lápútọ́ọ̀pù yín ni kí ẹ ti mú díráfà. Ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà wá a, kí ẹ sì yẹra fún sọ́fítíwíà tó ń ṣèlérí pé òun yóò tún gbogbo díráfà ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tí Windows ṣe ìmúdójúìwọ̀n ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fà, òdì kejì ni kí ẹ ṣe: ẹ tẹ Roll Back Driver ní Device Manager kí ti àtijọ́ padà. Nígbà tí obìnrin wa fi díráfà tó tọ́ sí i, Preferred Band yọjú. Ó yí i sí 5 GHz, Receive rate di 433.3, fast.com sì mú 29.

Níbi tí ètò ti parí

Bí ẹ bá jókòó sí tòsí ráútà tí Signal ṣì wà lábẹ́ 50%, nígbà tí ẹ̀rọ mìíràn ń fi 90% hàn níbẹ̀, kò sí ètò tí yóò wò ó sàn. Lára ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù, ẹ́ríà Waifáì wà nínú ìdérí, wáyà tín-ín-rín méjì sì ń gba inú mítìnnì rẹ̀ kọjá dé orí káàdì. Ẹni tó pààrọ̀ ojú ẹ̀rọ tàbí mítìnnì lè gbàgbé láti dá ọ̀kan padà. Bí wọ́n bá ti tú tiyín rí, ẹ ní kí oníṣẹ́ yẹ wáyà méjèèjì wò níṣojú yín.

Kí ẹ tó ra dátà tó tóbi sí i tàbí ráútà tuntun nítorí lápútọ́ọ̀pù kan, ẹ ka Receive rate, kí ẹ sì ṣe ping sí ráútà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan pẹ̀lú ṣájà, èkejì láìsí ṣájà. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.