Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ìwé ìwáṣẹ́ ti lọ, kẹ́ ẹ tó rí àṣìṣe ńkọ́?

Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ tán, ẹ wá rí i pé lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ sí iléeṣẹ́ mìíràn lẹ so mọ́ ọn. Kí ni ṣíṣe?

1. Tó bá jẹ́ Gmail ni, ẹ tètè tẹ Undo. Ìṣẹ́jú àáyá 5 ló sábà máa ń fún èèyàn, àmọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè sọ Undo Send di 30 nínú Settings. Tíyẹn bá ti kọjá, ó ti lọ nìyẹn. Kẹ́ ẹ pa á rẹ́ lọ́dọ̀ yín kò ní kó kúrò lọ́dọ̀ wọn.

2. Ẹ ṣí ímeèlì tẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ tẹ Reply, kí méjèèjì lè wà pa pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ so fáìlì tó tọ́ mọ́ ọn, ẹ ṣí i wò, kẹ́ ẹ tó kọ̀wé:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kì í ṣe tiyín, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, èyí ni kẹ́ ẹ lò.”

Ó tó! Ẹ má ro ẹjọ́ iná tó lọ.

3. Tó bá jẹ́ pé inú àdírẹ́sì lẹ ti ṣi orúkọ iléeṣẹ́ kọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rí nǹkan kan gbà. Ẹ wò ó bóyá Gmail ti dá a padà pẹ̀lú “Address not found”. Ẹ tún àdírẹ́sì kọ, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ ni. Kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan níbẹ̀.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wáṣẹ́ lọ́wọ́. 🙏🏾