Ọgọ́rùn-ún Pọ́ùn Lórí Ọ̀fìnkìn

Lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni Ìyáàfin Louisa Carlill ń ti ọ̀pá kékeré kan bọ ihò imú. Ara bọ́ọ̀lù rọ́bà kan tí ó gba inú àtẹ́lẹwọ́ ni ọ̀pá náà ti yọ. Bí èèyàn bá ti tẹ bọ́ọ̀lù náà, ìyẹ̀fùn kábọ́líìkì inú rẹ̀ á tú bí èéfín wọ imú, imú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Ìlú Lọ́ńdọ̀n ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ní ìparí ọdún 1891, nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tí wọ́n ń pè ní influẹ́nsà ń jà káàkiri. Ṣílè mẹ́wàá ni wọ́n ń ta bọ́ọ̀lù kan.

Ìpolówó inú ìwé ìròyìn ni ó mú un rà á. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é, Carbolic Smoke Ball Company, kéde ní oṣù Kọkànlá ọdún náà pé ẹnikẹ́ni tó bá lo bọ́ọ̀lù àwọn lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, bí wọ́n ṣe kọ ìlò rẹ̀ sára ìwé tó bá a wá, tí influẹ́nsà bá tún mú un, àwọn yóò fún un ní pọ́ùn 100. Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹnu lásán ni, wọ́n fi kún un pé àwọn ti kó pọ́ùn 1,000 sí báńkì Alliance ní òpópó Regent.

Obìnrin yìí ra tirẹ̀ ní 20 oṣù Kọkànlá. Ó ń lò ó, kò pa ọjọ́ kan jẹ, títí di 17 oṣù Kìíní ọdún 1892, ọjọ́ tí influẹ́nsà gbé e dè. Ọkọ rẹ̀, tí ó kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n san owó. Wọn kò kọ́kọ́ dáhùn. Nígbà tí ó yá, èsì dé pé kí ìyàwó rẹ̀ máa wá sí ọ́fíìsì àwọn lójoojúmọ́ láti lo bọ́ọ̀lù náà níṣojú akọ̀wé, kí àwọn lè mọ̀ pé kì í ṣe gbájú-ẹ̀. Ni tọkọtaya náà bá gba kóòtù lọ.

Ẹjọ́ Carlill ni ẹjọ́ náà ń jẹ́ di òní. Ara òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba amúnisìn gbé wá ni òfin àdéhùn ilẹ̀ Nàìjíríà ti jáde, òun ló fi jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ okòwò ní Èkó tàbí Ìbàdàn yóò bá obìnrin yìí pàdé kó tó ka ìwé jìnnà. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo ohun tí ọlọ́jà lè fi yẹ àdéhùn ni àwọn lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà kó sílẹ̀ fún àwọn adájọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kóòtù àkọ́kọ́ ni H. H. Asquith, ẹni tó padà di olórí ìjọba Bìrìtéènì.

Wọ́n ní ìpolówó lásán ni àwọn ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọlọ́sàn tó ń kígbe pé ọsàn òun dùn ju oyin lọ, kò sí ẹni tó lè gbé e lọ sí kóòtù pé oyin dùn jù ú. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ń fi ẹnu pọ́n ọjà ni. Òfin náà mọ̀ ọ́n. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ìfilọ̀. Ìfilọ̀ ni kí ẹnìkan sọ ohun tí yóò ṣe gan-an àti ohun tí yóò gbà kó tó ṣe é, lọ́nà tó fi hàn pé bí ẹni kejì bá ti gbà, ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀. Àwọn adájọ́ mẹ́ta tó gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, Lindley, Bowen àti A. L. Smith, wo pọ́ùn 1,000 tó wà ní báńkì. Ta ló ń kówó sí báńkì nítorí àwàdà?

Wọ́n tún ní kò sí bí àwọn ṣe lè bá gbogbo ayé ṣe àdéhùn. Adájọ́ Bowen dáhùn pé gbogbo ayé ni ìfilọ̀ náà wà fún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe nìkan ni wọ́n bá ṣe àdéhùn.

Ó ku ìtẹ́wọ́gbà. Ilé-iṣẹ́ náà ní obìnrin yìí kò kọ lẹ́tà, kò ránṣẹ́, kò sọ fún àwọn pé òun gbà. Bí òfin ṣe rí níbi púpọ̀ nìyẹn: ẹni tó bá gba ìfilọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó fi lọ̀ ọ́ mọ̀. Àpẹẹrẹ ajá tó sọnù ni Bowen fi tú u. Bí èèyàn bá kéde pé òun yóò fún ẹni tó bá rí ajá òun lówó, ṣé ó ń retí kí gbogbo ọlọ́pàá ìlú kọ̀wé sí i pé àwọn ti gbà láti wá ajá? Kí ajá ṣáà dé ilé ni. Bọ́ọ̀lù náà kò yàtọ̀: lílò rẹ̀ ni gbígbà. Nítorí náà, akọ̀wé tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ Ìyáàfin Carlill ti pẹ́ jù. Wọn kò fi í sínú ìpolówó, obìnrin náà sì ti ṣe tirẹ̀ tán. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀ kò tún lè fi ẹ̀ka tuntun lé e.

Ìtẹ́wọ́gbà gbọ́dọ̀ bá ìfilọ̀ mu bí ìdérí ṣe ń bá ìkòkò mu. Ibí yìí ni òfin ti yà kúrò lọ́dọ̀ ọjà wa díẹ̀. Oníbàárà dé ìsọ̀ aláṣọ, ó béèrè iye.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ gba ẹgbẹ̀rún méje, ìyá."

"Ó ti o, kò gbà á."

Oníbàárà rìn dé ìsọ̀ kẹta, ó padà, ó ní òun ti gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náà. Púpọ̀ nínú àwọn aláṣọ yóò wé aṣọ fún un láìjanpata. Ṣùgbọ́n bí ìyá yìí bá ní òun kò tà á mọ́, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1840, ẹjọ́ kan wáyé láàárín Hyde àti Wrench lórí oko kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wrench ní pọ́ùn 1,000 ni òun yóò tà á. Hyde ní òun yóò san 950. Wrench kọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Hyde kọ̀wé pé òun gba 1,000. Kóòtù ní kò sí àdéhùn kankan: ọjọ́ tí Hyde ti dá 950 ni ó ti pa ìfilọ̀ àkọ́kọ́. Ohun tó kọ lẹ́yìn náà di ìfilọ̀ tirẹ̀, èyí tí Wrench lè gbà tàbí kó kọ̀. Ẹni tó ń fi wáàsáàpù dúnàádúrà, tó ń fèsì pé òun gbà ṣùgbọ́n kí wọ́n yọ owó mọ́tò kúrò, kò tíì gba nǹkan kan.

Ohun kẹta ni àwọn lọ́yà ń pè ní kọnsidaréṣọ̀n, orúkọ tó le ju ohun tó ń jẹ́ lọ. Ohun ìpààrọ̀ ni: kí oníkálukú fi nǹkan sílẹ̀ nítorí ohun tó fẹ́ gbà. Bí àbúrò bàbá kan bá ṣèlérí kọ̀ǹpútà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọjáde tirẹ̀, tí kò sì rà á, ojú lè tì í, àwọn ẹbí lè bínú, ṣùgbọ́n kóòtù kò ní bá ọmọ náà gbà á. Kò sí ohun tí ọmọ fi sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀lù sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti obìnrin yìí, nítorí pé òun kò san kọ́bọ̀ kan fún àwọn nítorí pọ́ùn 100 náà. Àwọn adájọ́ kò gbà. Ìyọnu pé kí èèyàn máa fín kábọ́líìkì símú lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ tó nǹkan. Ìpolówó náà sì mú kí ọjà wọn tà. Òfin kì í béèrè bóyá ohun ìpààrọ̀ tó iye tí wọ́n fi gbà á. Ó ṣáà ń wò ó bóyá ó wà.

Ní 7 oṣù Kejìlá ọdún 1892, àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá Ìyáàfin Carlill láre, bí adájọ́ Hawkins ti ṣe ṣáájú. Yíyẹ àdéhùn nìyẹn, owó gbà-má-bínú rẹ̀ kò sì nira láti mọ̀: pọ́ùn 100 tí wọ́n ti fẹnu ara wọn dá.

Kì í rọrùn báyìí nígbà gbogbo. Ní ọdún 1853, irin yíyí kan dá nínú ẹ̀rọ ìlọ̀gì àwọn Hadley ní ìlú Gloucester. Wọ́n gbé e fún àwọn akẹ́rù láti gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́-irin ní Greenwich, tí yóò fi ṣe àwòkọ́ṣe irin tuntun. Àwọn akẹ́rù fi falẹ̀, ilé ìlọ̀gì wà ní títì pa fún ọjọ́ mélòó kan sí i, àwọn Hadley sì bèèrè èrè tí wọ́n pàdánù. Kóòtù ní wọn kò lè gbà á. Òótọ́ ni pé akẹ́rù yẹ àdéhùn, ṣùgbọ́n àdánù tó máa ń bá irú ìyẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá ní ti ìṣe, tàbí èyí tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti mọ̀ lọ́jọ́ àdéhùn, ni ó ń di ti ẹni tó yẹ̀ ẹ́. Lójú kóòtù, akẹ́rù kò mọ̀ pé irin kan ṣoṣo ni ilé ìlọ̀gì náà ní. Ó lè ní òmíràn ní ìpamọ́.

Òye tó wà níbẹ̀ ṣe é lò lónìí. Oníbúrẹ́dì kan ní Ìbàdàn tó gbé ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fùn rẹ̀ fún ẹni tó ń tún un ṣe, bí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé tàbí wáàsáàpù lọ́jọ́ náà pé òun ní búrẹ́dì ìgbéyàwó láti kó jáde ní Ọjọ́ Ẹtì, àti iye tí wọ́n ń san fún un, ó ti sọ àdánù yẹn di ohun tí àwọn méjèèjì jọ mọ̀. Bí ó bá dúró di ìgbà tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ kó tó sọ ọ́, àwọn Hadley ni ó bá rìn. Ojúṣe mìíràn tún wà lọ́rùn rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ káwọ́ gbera kí àdánù máa pọ̀. Bí ó bá lè yá ẹ̀rọ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kó yá a, kó sì bèèrè owó ìyálò náà.

Fún ẹni tó jẹ́ pé owó tó dájú ni wọ́n jẹ ẹ́, bíi ti pọ́ùn 100 Ìyáàfin Carlill, ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kóòtù ẹ̀sùn kéékèèké láti ọdún 2018, fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù náírà márùn-ún lọ. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ kọ̀wé bèèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ onígbèsè.

Ní ti ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀lù èéfín, ẹjọ́ náà kò tì í. Ní oṣù Kejì ọdún 1893, ó tún gbé ìpolówó jáde, ó sì sọ owó náà di pọ́ùn 200. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ owó náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àdéhùn, kó fọwọ́ sí i, kó sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Lọ́ńdọ̀n kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo bọ́ọ̀lù, àti pé ìfilọ̀ náà yóò parí ní 31 oṣù Kẹta.